Líǹkì Inú Ímeèlì Tó Ń Ṣí Síbi Tí A Kò Rán An

Bí ẹ bá tẹ líǹkì nínú ímeèlì lórí fóònù, áàpù ímeèlì fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń ka ojú ewé náà fún yín. Ńṣe ló máa ń fa líǹkì náà lé bíráúsà lọ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí bíráúsà mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lórí fóònù kan ṣoṣo: èyí tó bá fóònù dé láti ilé iṣẹ́, èyí tí ọmọ yín gbé sí i, èyí tí ẹ̀yin gan-an ń lò. Bí èyí tí ẹ kì í lò bá ń ṣí ní gbogbo ìgbà, ẹnì kan ti bá yín yan bíráúsà. Bí àpótí kan bá sì ń yọ láti ìsàlẹ̀ ojú fóònù, tó ń béèrè lójoojúmọ́ pé èwo ni kí òun lò, kò sí ẹni tó tíì yàn, tàbí kó jẹ́ pé ẹ yàn lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ kò ní kó máa rántí.

Ibi mẹ́ta ni ìpinnu yìí ti lè wá. Fóònù fúnra rẹ̀ lè pinnu. Áàpù ímeèlì náà lè ní ètò tirẹ̀ tí kò bá ti fóònù mu. Áàpù míràn sì tún lè wà lórí fóònù náà tó sọ pé irú àdírẹ́sì báyìí, tòun ni. Bí ó bá jẹ́ ìkìíní ló ń dà yín láàmú, tí ẹ wá lọ ń yí ìkejì padà, ẹ ó ṣe é títí, kò ní gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pinnu kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí ju pé ojú ewé kan rẹwà ju èkejì lọ. Bíráúsà kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń tọ́jú nǹkan tirẹ̀ sí. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé sí àkáǹtì kan nínú Chrome, ojú ewé náà yóò fi àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì sílẹ̀ nínú Chrome. Kúkì yẹn ló fi ń dá yín mọ̀ nígbà tí ẹ bá padà wá, tí kò fi ní kí ẹ tún wọlé lákọ̀tun. Firefox kò lè rí kúkì tó wà nínú Chrome, bẹ́ẹ̀ ni Opera kò lè rí ti Firefox. Fóònù kan náà ni, ẹni kan náà ló mú un lọ́wọ́, síbẹ̀ tí líǹkì bá ti gba bíráúsà míràn lọ, àlejò pátápátá ni ojú ewé náà yóò kà yín sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, nìyẹn. Wọ́n ń bá ọmọ wọn obìnrin kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ nínú Chrome, lórí fóònù Android. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì fọ́ọ̀mù, ilé ẹ̀kọ́ náà fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n tẹ líǹkì kan láti fi hàn pé àwọn gan-an ló ni àdírẹ́sì ímeèlì náà. Wọ́n lọ sínú Gmail, wọ́n tẹ líǹkì, ni bíráúsà tó bá fóònù dé bá ṣí, bíráúsà tí wọn kò lò rí. Ojú ewé náà ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n wọlé tán, fọ́ọ̀mù òfìfo ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an, ni wọ́n bá ké sí mi.

“Ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo kọ ti lọ!”

“Kò tíì lọ, Mà. Ẹ má pa Chrome dé, ibẹ̀ ló ṣì wà.”

Ibẹ̀ náà ló sì wà. Ohun tí wọ́n ti kọ sínú fọ́ọ̀mù wà nínú Chrome tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bíráúsà kejì kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Wọ́n padà sínú ímeèlì, wọ́n tẹ líǹkì náà mọ́lẹ̀ láìká ọwọ́ kúrò títí àtẹ kékeré kan fi yọ, wọ́n yan ibi tí wọ́n kọ “Copy” sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí Chrome, wọ́n ṣí táàbù tuntun, wọ́n lẹ àdírẹ́sì náà sí òkè, ojú ewé sì dá wọn mọ̀.

Ẹ fi ọ̀nà títẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ẹ ó máa lò nígbà tí ẹ bá ń kánjú tí kò sí àyè láti tún ètò fóònù ṣe. Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn líǹkì ìfìdímúlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí irú èyí bá ti kọ́kọ́ ṣí nínú bíráúsà tí ẹ kò fẹ́, ó ti lò ó tán. Bí ẹ bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ Chrome, yóò sọ fún yín pé líǹkì ti kú. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, kí ẹ sì tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀ dípò kí ẹ kàn tẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tó ń pinnu? Ìdánwò kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ kọ ímeèlì sí ara yín, ẹ má kọ nǹkan míràn sínú rẹ̀ ju àdírẹ́sì yìí lọ:

```
https://example.com
```

Ẹ fi àdírẹ́sì kan náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan nínú ilé fi í ránṣẹ́ sí yín. Mo yan àdírẹ́sì yìí nítorí pé ńṣe ni àwọn tó ń bójú tó orúkọ orí ayélujára yà á sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè rà á, nítorí náà kò sí áàpù kankan lórí fóònù yín tó máa sọ pé tòun ni. Ẹ má lo líǹkì YouTube tàbí ti Facebook fún ìdánwò yìí, torí àwọn yẹn ní áàpù tó ń dúró dè wọ́n, ohun tí ẹ bá rí yóò sì ṣì yín lọ́nà.

Ẹ wá tẹ méjèèjì, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wéra. Bí bíráúsà tí ẹ kò fẹ́ bá ṣí láti inú WhatsApp, tó sì tún ṣí láti inú ímeèlì, ọwọ́ fóònù ni ẹjọ́ wà. Bí ti WhatsApp bá lọ síbi tó yẹ, àmọ́ tí ti ímeèlì yà síbòmíràn tàbí tó béèrè, áàpù ímeèlì ni. Bí àwọn méjèèjì bá ṣí dáadáa, tó wá jẹ́ pé àwọn líǹkì kan báyìí nìkan ló ń ṣe bí ó ṣe wù wọ́n, áàpù kẹta ló ń gbà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù Android, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ wá Default apps níbẹ̀, kí ẹ tẹ Browser app. Lórí fóònù Samsung, Choose default apps ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù máa ń gbé nǹkan wọ̀nyí síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà “default” sínú rẹ̀, yóò fà á jáde. Nígbà tí ẹ bá dé Browser app, gbogbo bíráúsà orí fóònù yín ni ẹ ó rí, àmì róbótó kan á sì wà lára èyí tí wọ́n ti yàn. Ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ ó tún fi pa á mọ́, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ti múlẹ̀.

Àpótí tó ń béèrè lórí Android, ibí yìí náà ló ti sábà máa ń wá. Bí kò bá sí bíráúsà tí a yàn, tí bíráúsà sì ju ẹyọ kan lọ, fóònù kò ní í dá ṣe é, yóò bi yín. Ẹ fara balẹ̀ wo ìsàlẹ̀ àpótí náà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀: Just once àti Always. Ẹni tó ń kánjú á tẹ Just once, torí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló fẹ́ kà, ìtumọ̀ ohun tó tẹ̀ sì ni pé kí fóònù lò ó lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àpótí tún dé. Always ló ń mú kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé orúkọ bíráúsà tí ẹ fẹ́ gan-an lẹ ti yàn lókè kí ẹ tó tẹ Always, torí bí ẹ ṣe máa ń rí i pé ohun tí a kò fẹ́ ló ń ṣí lójoojúmọ́ nìyẹn: ẹnì kan tẹ Always lọ́jọ́ kan láìwo orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, Browser app tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe yìí náà ni ẹ ó padà sí.

Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ bá yọ bíráúsà tí ẹ yàn kúrò lórí fóònù, yíyàn náà bá a lọ nìyẹn. Ẹni tó yọ bíráúsà kan láti fi àyè sílẹ̀ fún fọ́tò, tó wá rí i pé àpótí ìbéèrè ti padà dé, kò yẹ kó máa wá àìsàn sára áàpù ímeèlì rẹ̀.

Tí ìdánwò yín bá wá fi hàn pé áàpù ímeèlì ni, a ó wọ inú rẹ̀. Gmail ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Lórí Android, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Settings, ẹ wọ General settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Open web links in Gmail sí. Bí àmì bá wà níwájú rẹ̀, líǹkì tí ẹ bá tẹ̀ kò ní í ṣí bíráúsà lódidi, fèrèsé kan ni yóò ṣí lórí ímeèlì yín.

Fèrèsé yìí ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, ó sì yẹ ká wò ó dáadáa. Ẹ ó rí àmì X lókè lápá òsì, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú ímeèlì lẹ padà sí. Ẹ ó rí àdírẹ́sì lókè, ṣùgbọ́n kò ní gbà kí ẹ kọ òmíràn síbẹ̀. Kò sí àwọn táàbù yín, kò sì sí àwọn ojú ewé tí ẹ fi pamọ́. Àwọn èèyàn á ní, “Kì í ṣe Chrome mi nìyí.” Síbẹ̀, ó lè jẹ́ òun gan-an. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ ka ohun tó bá yọ. Ọ̀rọ̀ kan á wà níbẹ̀ tó ní kí ẹ gbé ojú ewé náà lọ sínú bíráúsà, á sì dárúkọ bíráúsà náà. Orúkọ tí ẹ bá kà níbẹ̀ ni ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Bó bá jẹ́ Chrome ni, kúkì Chrome ló ń lò, ojú ewé yóò sì dá yín mọ̀ bí ẹ ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo bíráúsà ló ní irú fèrèsé yìí. Bí èyí tí ẹ yàn fún fóònù kò bá ní in, áàpù ímeèlì lè wá bíráúsà míràn tó ní in lọ, ẹ ó sì máa rò pé fóònù kò ka yíyàn yín sí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bá irú èyí pàdé ni pé kí wọ́n mú àmì kúrò níwájú Open web links in Gmail. Líǹkì á wá máa ṣí bíráúsà lódidi, èyí tí ẹ yàn nínú Settings ni yóò sì ṣí. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni àmì X yẹn: ẹ ó ní láti fi bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn fóònù padà sínú ímeèlì. Lójú tèmi, ìyẹn ò tó nǹkan fún ẹni tó ń lo líǹkì ìfìdímúlẹ̀ nígbà gbogbo.

Lórí iPhone, ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ti wá, ìtàn díẹ̀ ló sì lè là á yé wa. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí iOS 14 jáde, iPhone kò gbà kí ẹnikẹ́ni yan bíráúsà míràn fún gbogbo fóònù. Inú Safari ni gbogbo líǹkì ń lọ. Àwọn tó ṣe áàpù bíi Gmail wá ṣe àtẹ tiwọn sínú áàpù, kí ẹni tó fẹ́ Chrome lè rí Chrome lò. Nígbà tí Apple wá ṣí ilẹ̀kùn náà, àtẹ yẹn kò kúrò nínú Gmail. Ìdí nìyí tí iPhone kan fi lè ní ìpinnu méjì: ẹ ti yan Chrome nínú Settings fóònù, Gmail ṣì ń béèrè, tàbí kó ṣì máa gbé yín lọ sí Safari tí ẹ yàn nínú rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Bí ẹ bá tẹ líǹkì nínú Gmail orí iPhone, tí àtẹ náà sì gbéra láti ìsàlẹ̀, ẹ má tíì tẹ orúkọ bíráúsà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ àtẹ, bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé kó máa béèrè ní gbogbo ìgbà. Bó bá ṣì wà ní títàn nígbà tí ẹ tẹ Safari tàbí Chrome, ẹ ti dáhùn ti òní, ẹ kò tíì dáhùn ti ọ̀la. Ẹ kọ́kọ́ pa bọ́tìnnì náà, kí ẹ tó yan. Nínú orúkọ tó wà lórí àtẹ, èyí tí wọ́n kọ Default browser app sí ni mo gbà yín níyànjú láti yan, torí òun ló ń sọ fún Gmail pé kó lọ bá fóònù béèrè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí bíráúsà padà nínú fóònù, Gmail á tẹ̀ lé e láìsí pé ẹ tún wá bá a sọ̀rọ̀. Bí àtẹ kò bá yọ mọ́, tí Gmail kàn ń lọ síbi tí ẹ kò fẹ́, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta, ẹ wọ Settings inú Gmail, kí ẹ wá Default apps. Àwọn orúkọ kan náà wà níbẹ̀.

Ti fóònù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti iOS 18.2, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹ ó rí i nínú Settings, lábẹ́ Apps, níbi tí wọ́n kọ Default Apps sí. Lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ wá orúkọ bíráúsà yín nínú Settings, ẹ tẹ̀ ẹ́, Default Browser App á wà níbẹ̀. Áàpù Mail tó jẹ́ ti Apple kò ní irú àtẹ Gmail, ohun tí fóònù bá yàn ló ń tẹ̀ lé.

Ó ku áàpù kẹta tí mo mẹ́nu bà. Bí líǹkì example.com bá ń ṣí dáadáa níbi gbogbo, ṣùgbọ́n tí líǹkì fídíò kan gbé yín lọ tààrà sínú áàpù YouTube nígbà tí ẹ fẹ́ wò ó nínú bíráúsà, áàpù YouTube ló gbà á. Lórí Android, ẹ tẹ àwòrán áàpù náà mọ́lẹ̀, ẹ wọ App info, ẹ wá Open by default, ẹ pa Open supported links. Láti Android 12, tó jáde ní 2021, fóònù ti le mọ́ àwọn áàpù lórí ọ̀rọ̀ yìí: áàpù kò kàn lè sọ pé òun ló ni àdírẹ́sì kan mọ́, àfi bí ẹni tó ni àdírẹ́sì náà bá fi ìwé ẹ̀rí sórí rẹ̀, tàbí bí ẹ̀yin fúnra yín bá fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí àpótí ìbéèrè irú èyí fi dín kù lórí àwọn fóònù tuntun.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ ní áàpù ilé ìtajà kan lórí fóònù, wọ́n fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́, ẹ tẹ líǹkì inú rẹ̀, bíráúsà ló ṣí dípò áàpù. Ẹ tẹ líǹkì náà mọ́lẹ̀ kí ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máà rí orúkọ ilé ìtajà náà níbẹ̀ rárá, orúkọ míràn tó gùn jàǹrànjanran lẹ ó rí. Àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń ka iye ẹni tó tẹ líǹkì ni. Ibẹ̀ ni líǹkì ń kọ́kọ́ yà sí kó tó lọ síbi tó ń lọ, áàpù ilé ìtajà kò sì sọ pé òun ló ni ibi ìyàsí yẹn, nítorí náà bíráúsà ló gbà á. Kò sí ètò orí fóònù yín tó lè tún ìyẹn ṣe. Ọwọ́ ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́ ló wà, bí ẹ bá sì fẹ́ áàpù, ẹ ṣí i fúnra yín.

Màmá Gbági ńkọ́? Ìdánwò tiwọn fi hàn pé WhatsApp àti Gmail ló jọ ń ṣí bíráúsà tó bá fóònù dé, fóònù ló ni ẹjọ́. A wọ Browser app, a yan Chrome. Nígbà tí wọ́n tún tẹ líǹkì inú ímeèlì ìdánwò, fèrèsé tó ní X ló yọ, wọ́n ní kò tíì yí padà. Mo ní kí wọ́n tẹ tóótòòtó mẹ́ta, wọ́n ka orúkọ Chrome jáde fúnra wọn. Wọ́n fẹ́ràn fèrèsé náà, torí ó rọrùn fún wọn láti padà sínú ímeèlì, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ̀ lé gbogbo èyí tí kò sì gbọ́, ẹ wo àwòrán áàpù ímeèlì yín dáadáa. Bí àmì àpò ìwé kékeré bá wà lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fóònù tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣàkóso ló wà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ní bíráúsà tirẹ̀, ó sì ní yíyàn tirẹ̀, ohun tí ẹ bá yàn ní ẹ̀gbẹ́ tiyín kò dé ibẹ̀. Ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ lẹ ó lọ bá, kí ẹ sì sọ ohun tí ìdánwò yín fi hàn fún un: pé example.com ṣí dáadáa láti inú WhatsApp, pé inú ímeèlì iṣẹ́ nìkan ló ti ń yà.